Ẹ Ka Àwọn Tó Lọ Ná, Kí Ẹ Tó Bínú sí Ọ̀dọ́

Bí o bá fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ Ọjọ́ta lọ sí Kẹ́tu, wàá rí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àti òpó iná pé wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ kíákíá. Wọ́n ń wá ọmọ tó máa tajà, ẹni tó máa di búrẹ́dì, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹni tó máa ṣọ́ ẹnu géètì. Padà wá lẹ́yìn oṣù méjì, wàá rí i pé ilé iṣẹ́ kan náà ti lẹ bébà tuntun lé ti àtijọ́ lórí.

Bi ọ̀gá tó lẹ̀ ẹ́ pé kí ló dé. Èsì méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò fẹ́ jìyà iṣẹ́. Èkejì ni pé owó ńlá ni wọ́n ń wá, ilé iṣẹ́ kò sì ní owó ńlá. Èrò tèmi ni pé àbá lásán ni méjèèjì, títí ọ̀gá yóò fi mú bírò àti ìwé, tí yóò ka àwọn tó lọ, tí yóò sì mọ ẹ̀ka tí wọ́n ti lọ àti iye ọjọ́ tí wọ́n lò kí wọ́n tó lọ. Ìṣirò kan wà fún èyí. Àwa tó ń kọ́ nípa ìṣàkóso òṣìṣẹ́ máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, a sì máa ń gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ wa, ìlà kan ṣoṣo náà sì lè ṣi ọ̀gá lọ́nà ju kí ó má ṣe ìṣirò kankan lọ.

Ìlà kan ṣoṣo náà

Ìwọ̀n ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni iye àwọn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín àsìkò kan, tí a pín sí iye òṣìṣẹ́ tó máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ láàárín àsìkò yẹn, tí a wá fi ọgọ́rùn-ún sọ di púpọ̀. Tó bá jẹ́ ọdún kan là ń ṣírò, ka àwọn òṣìṣẹ́ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí o kọ iye náà sí òpó B nínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà. Kọ iye àwọn tó lọ nínú oṣù náà sí òpó C. Bí oṣù kìn-ín-ní bá wà ní ìlà 2, tí oṣù kejìlá sì wà ní ìlà 13, ohun tí wàá tẹ̀ nìyí:

```
=SUM(C2:C13)/AVERAGE(B2:B13)*100
```

Ìṣirò yìí kò le. Ibi tí èèyàn ti ń ṣubú ni kíkà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré máa ń lo ìwé owó oṣù láti fi mọ ẹni tó lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù, tí kò sì padà wá mọ́ láti ọjọ́ kọkàndínlógún, lè má wọ inú ìwé yẹn rárá. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní ìparí oṣù tó ṣáájú, kò sì sí níbẹ̀ ní ìparí oṣù yìí. Lójú ìwé, bí ẹni pé kò wá rí. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Nítorí náà, ìwé tí a fi ń gba èèyàn wọlé, tàbí èyí tí wọ́n ń buwọ́ lù láràárọ̀, ló yẹ ká gbé jáde.

Àwọn tí kò yẹ ká kà náà wà. Ẹni tí a gbé láti ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn kò tíì kúrò nílé iṣẹ́. Ẹni tí a gbà fún ọjà ọdún Kérésì nìkan, tí a sì ti sọ fún un pé ọjọ́ kẹta oṣù kìn-ín-ní ni iṣẹ́ rẹ̀ parí, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló tán. Kọ irú wọn sí ibòmíràn.

Békírì kan ní Ọjọ́ta

Ẹ jẹ́ ká fi békírì kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe békírì ẹnì kan pàtó, èmi ni mo to iye inú rẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ búrẹ́dì rí.

Òṣìṣẹ́ 25 ló máa ń wà níbẹ̀. Láàárín ọdún kan, èèyàn 20 lọ. 20 tí a pín sí 25, tí a fi ọgọ́rùn-ún sọ di púpọ̀, jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gá gbọ́ iye yìí, ó gbé ọwọ́ lérí. Lójú tirẹ̀, èèyàn mẹ́rin nínú márùn-ún ló ti sá lọ, gbogbo ilé ló ń dà nù. Ó wá pinnu pé òun yóò fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún owó oṣù gbogbo èèyàn.

Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká pín iye náà sí ẹ̀ka ẹ̀ka. Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun tí wọ́n sì ń ti búrẹ́dì bọ iná jẹ́ 8, àwọn 2 ló lọ nínú wọn. Ìdá 25 nìyẹn. Àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń pín búrẹ́dì kiri jẹ́ 5, àwọn 3 ló lọ, ìdá 60. Akápò, akọ̀wé, agbálẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ jẹ́ 4, ẹnì 1 ló lọ, ìdá 25. Àwọn tó ń gé búrẹ́dì tí wọ́n sì ń kó o sínú náílọ́ọ̀nù jẹ́ 8, èèyàn 14 ló sì lọ níbẹ̀. Ìdá 175 nínú ọgọ́rùn-ún!

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìdá tó ju ọgọ́rùn-ún lọ máa ń rò pé òun ti ṣi ìṣirò ṣe. Kò ṣì í. Ó kàn túmọ̀ sí pé orí àga kan náà ni èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ti dìde láàárín ọdún kan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìdá 60 àwọn awakọ̀ dẹ́rù bà yín. Èèyàn mẹ́ta péré ni. Ká ní ọ̀kan kó owó ọjà jẹ tí wọ́n lé e, ọ̀kan rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, ọ̀kan lọ sí békírì mìíràn. Ìdí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún èèyàn mẹ́ta. Kò sí àtúnṣe kan tó lè wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti kéré, ẹnì kan ṣoṣo lè gbé ìdá sókè fíofío, nítorí náà orúkọ àti ìdí ni ká máa wò níbẹ̀, ká fi ìdá sílẹ̀.

Àga méjì ló ń jó

Ó kù ká béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń di búrẹ́dì pé báwo ni wọ́n ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó lọ. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù.

Nínú àwọn 14 náà, 10 lọ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta. Àwọn 3 lò ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n wọn kò pé ọdún. Ẹnì 1 péré ló ti lé ní ọdún kan. Wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú: nínú àwọn 8 tó wà níbẹ̀ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, àwọn 6 ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó parí. Àwọn 6 yìí kò lọ síbì kankan. Àwọn méjì ló lọ nínú àwọn tó wà nílẹ̀, ọ̀gá sì gba èèyàn 14 láàárín ọdún láti fi dí àyè àwọn méjì náà. 12 nínú àwọn 14 tó gbà ló tún lọ. Méjì tó kù ló wá mú ẹ̀ka náà padà pé 8.

Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ohun tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni békírì tí gbogbo èèyàn ń sá kúrò níbẹ̀. Ohun tí a bá lábẹ́ rẹ̀ ni békírì tí ọ̀pọ̀ èèyàn jókòó síbẹ̀ dáadáa, tí àga méjì nínú rẹ̀ sì ń jó ẹnikẹ́ni tó bá jókòó lé e kí ó tó pé oṣù mẹ́ta. Bí ọ̀gá bá fi owó kún owó oṣù gbogbo èèyàn, àwọn tí kò ní lọ tẹ́lẹ̀ ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. N kò sọ pé owó kò tọ́ sí wọn o. Mo ń sọ pé owó yẹn kò ní ṣe iṣẹ́ tí ọ̀gá rán an. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá nìyẹn.

Ẹni tó bá lọ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sábà máa ń sọ ohun kan fún wa: iṣẹ́ tó bá kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n sọ fún un. Ẹni tó bá lọ lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta ń sọ nǹkan mìíràn: kò rí ibi tí òun ń lọ mọ́, tàbí ẹlòmíràn ti fún un ní owó tó ju èyí lọ. Oògùn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìdá 80 kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn ọ́.

Ta ló pè wọ́n, kí ni wọ́n sọ?

Lẹ́yìn tí a ti mọ ibi tó ń jó, ó kù ká mọ ohun tó ń jó o. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, àwọn tó bọ́ bàtà náà sílẹ̀ ló sì yẹ ká bi.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè ni kì í dára. Súpáfásọ̀ ni wọ́n máa ń ní kó bi ẹni tó ń lọ, lọ́jọ́ tó ń gba owó rẹ̀ tó kẹ́yìn. Kí ni ọmọ náà fẹ́ sọ? Yóò sọ pé òun fẹ́ padà sí ilé ìwé, tàbí pé ara ìyá òun kò yá. Ó ṣì fẹ́ gba owó rẹ̀, ó sì lè nílò kí wọ́n sọ̀rọ̀ rere nípa òun lọ́la. Ohun tó sàn ni kí ẹni tí kò sí nínú ẹ̀ka náà pè é lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn tó lọ, nígbà tí owó ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìbéèrè méjì tó: "Ọjọ́ wo lo kọ́kọ́ rò ó pé o máa lọ? Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Ìbéèrè ọjọ́ dára ju ìbéèrè ìdí lọ, torí pé ìṣẹ̀lẹ̀ ló máa ń mú wá, kì í ṣe àwáwí.

Ká ní nínú àwọn 10 tí kò pé oṣù mẹ́ta, wọ́n rí 7 bá sọ̀rọ̀. Àwọn 4 sọ nípa àtilọ sílé lóru. Ìkòròdú, Mówè àti Ìbàfò ni wọ́n ń gbé, aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n sì ń parí iṣẹ́. Lákòókò yẹn ọkọ̀ ti ṣọ̀wọ́n, èyí tó bá sì wà ń gba owó tó wù ú. A kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó ọkọ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Àwọn 2 sọ pé wọ́n yọ owó lára owó oṣù àwọn nítorí búrẹ́dì tó fọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ẹnì 1 rí iṣẹ́ mìíràn.

Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé iṣẹ́ le. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n aago ló dá a sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yíyọ owó yẹn ní òfin nínú. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala karùn-ún, kò gba ọ̀gá láyè láti máa bu owó ìtanràn lára owó iṣẹ́ èèyàn bó ṣe wù ú. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí ó ba á jẹ́ nítorí àìbìkítà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí ó tó yọ owó náà. Abala keje òfin yẹn náà sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti fún un ní ìwé tó sọ iye owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe lè fòpin sí iṣẹ́ náà. Ẹ kíyè sí i pé oṣù mẹ́ta kan náà tí òfin ń dá ni àwọn èèyàn wa kì í pé.

Elo ni ó tọ́ ká ná?

Ọ̀gá tó fẹ́ ná owó láti fi mú èèyàn dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tó ń pàdánù bí èèyàn bá lọ. Ní békírì yìí, bí àyè kan bá ṣófo fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ń san 3,000 náírà lójúmọ́ fún ẹni tó ń ṣe àṣekún, ìyẹn 15,000. Ẹni tuntun á ba búrẹ́dì jẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́ ọn, ká pè é ní 20,000. Bébà, ìpè àti àkókò máníjà á gba 10,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 45,000 náírà fún ẹnì kan. Fún èèyàn 14, ó jẹ́ 630,000 náírà lọ́dún.

Wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ètò ọ̀gá. Ká ní 80,000 ni owó oṣù wọn. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 8,000. Fún èèyàn 25 lóṣù, ó di 200,000. Lọ́dún, ó di 2,400,000 náírà. Ọ̀gá fẹ́ ná mílíọ̀nù méjì àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ọ̀kẹ́ márùn-ún láti fi dá 630,000 dúró, nǹkan tó sì ná an sí kò kan ọ̀rọ̀ aago mọ́kànlá rárá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, yóò ní, "Mo fi owó kún un, wọ́n ṣì ń lọ. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀dọ́ ò níwà?"

Ohun tí èmi máa ṣe ní ipò rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Ìkíní, kí ẹ̀ka náà máa parí iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án. Èyí kò rọrùn tó bó ṣe dún. Búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná kò ṣeé gé, ó máa ń ya, bí wọ́n bá sì kó o sínú náílọ́ọ̀nù pẹ̀lú ooru rẹ̀, omi á sàn sí i lára, á sì tètè bu. Ó gbọ́dọ̀ tutù fún wákàtí bíi méjì tàbí mẹ́ta. Nítorí náà àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ni wọ́n máa tètè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí méjì. Ẹ̀ka wọn ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, kò sì yẹ ká fi oògùn ẹ̀ka kan dá àìsàn sílẹ̀ ní òmíràn. Àwọn la máa kọ́kọ́ bi léèrè.

Ìkejì, kí yíyọ owó lára owó oṣù dópin lónìí. Ìkẹta, kí ẹni tó wá béèrè iṣẹ́ wá wo iṣẹ́ náà fún ṣífìtì kan pẹ̀lú owó ọjọ́ kan kí ó tó gbà á, kí wọ́n sì sọ fún un lórí ìwé ìgbà tó máa parí lálẹ́ àti iye tó máa wọ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn kan máa wò ó, wọ́n á sì lọ. Èyí dára. Ẹni tó lọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ná ọ̀gá ní owó ọjọ́ kan, ẹni tó lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ná an ní 45,000.

Ṣé kì í ṣe owó ni Fọ́ọ̀dù fi kún un ni?

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti ka ìwé ìṣàkóso òṣìṣẹ́ yóò gbé Hẹ́ńrì Fọ́ọ̀dù kò mí lójú. Ìtàn rẹ̀ tọ́ sí kíkà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kà á tán.

Lọ́dún 1913, ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní Háílàǹdì Páàkì nítòsí Dìtírọ́ìtì ní Amẹ́ríkà, Fọ́ọ̀dù gba òṣìṣẹ́ tó lé ní 52,000 kí ó tó lè ní bí 14,000 lẹ́nu iṣẹ́. Ìwọ̀n ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ lọ́dún náà jẹ́ ìdá 370. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn nìkan, bí 7,300 èèyàn ló lọ. Ìdá 18 ni wọ́n lé. Ìdá 11 ló sọ pé àwọn ń lọ. Ìdá 71 tó kù kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ márùn-ún léra, ilé iṣẹ́ sì yọ orúkọ wọn. "Àwọn ọlọ́jọ́ márùn-ún" ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Níbí, a máa ń sọ pé ó gba owó oṣù, kò padà wá mọ́. Ìwà kan náà ni, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kì í sì í ṣe ọ̀dọ́ Èkó ló dá a sílẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1914, Fọ́ọ̀dù kéde owó dọ́là márùn-ún lójúmọ́, ó lé ní ìlọ́po méjì 2.34 dọ́là tí òṣìṣẹ́ lásán ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n ìfiṣẹ́sílẹ̀ já sí ìdá 54 lọ́dún náà, ó sì di ìdá 16 lọ́dún 1915. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dá ìtàn náà dúró.

Wọn kì í sọ pé kí owó náà tó dé, ní oṣù kẹwàá ọdún 1913, ilé iṣẹ́ náà ti gba agbára lílé èèyàn kúrò lọ́wọ́ àwọn fọ́máànù, ó sì ti tún àtẹ owó iṣẹ́ tó wọ́ra wọn mọ́ra ṣe. Wọn kì í sọ pé ọjọ́ tí wọ́n kéde owó náà ni wọ́n kéde pé wákàtí iṣẹ́ máa dín láti mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ. Wọn kì í sì í sọ pé ẹni tí kò tíì lo oṣù mẹ́fà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí gbogbo owó náà. Fọ́ọ̀dù mọ̀ pé oṣù àkọ́kọ́ ni èèyàn ń lọ jù, ó sì gbé ẹ̀bùn rẹ̀ sí òdìkejì odò náà. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jó, kì í ṣe àga méjì, èrè rẹ̀ sì tó o san. Iṣẹ́ náà sì ṣọ̀wọ́n ní Dìtírọ́ìtì lọ́dún 1914, a kò lè gbé gbogbo ìyàtọ̀ náà fún owó nìkan.

Nítorí náà, ẹni tó bá ka iye tirẹ̀, tó sì rí i pé gbogbo ẹ̀ka ló ń lọ, pé àwọn tó ti pẹ́ ló ń lọ, pé békírì tó wà ní Kẹ́tu ni wọ́n ń lọ bá nítorí owó, kí ó fi owó kún un. Ìṣirò ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. N kò bá owó jà.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?

Má ṣe dúró de ìparí ọdún, má sì ṣe lo oṣù kan ṣoṣo. Bí èèyàn 3 bá lọ nínú àwọn 25 lóṣù kan, ẹni tó bá fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀ yóò kéde ìdá 144 lọ́dún, oṣù tó tẹ̀ lé e sì lè jẹ́ òfo. Ohun tí mo máa ka ni iye àwọn tuntun tó pé àádọ́rùn-ún ọjọ́. Lọ́dún tó kọjá, èèyàn 4 nínú 14 ló pé e. Kí ọ̀gá kọ orúkọ àwọn 6 tó bá gbà lẹ́yìn àtúnṣe, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dé. Bí 5 nínú wọn bá pé àádọ́rùn-ún ọjọ́, ọ̀nà ti ń là. Bó bá jẹ́ 2, aago kọ́ ni ìdí rẹ̀, kí ó tún gbé fóònù. Èèyàn 6 kéré, n kò ní fi búra, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìméfò lọ.

Àwọn kan sì wà tí kò sí àtúnṣe tó lè dá wọn dúró, àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ ASUU yanṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú wa ló wọ ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ lọ ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilé ìwé ṣí, wọ́n padà. Ọ̀gá tó ka ìyẹn mọ́ ìfiṣẹ́sílẹ̀ lásán yóò rò pé nǹkan kan bàjẹ́ nílé iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Ohun tó yẹ kí ó ṣe ni kí ó béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ìgbà wo lo máa padà sí ilé ìwé, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì ti máa wá ẹni tó máa rọ́pò rẹ.

Bí ẹ bá ń lọ fún iṣẹ́ ìfidánrawò ní ìsinmi yìí, ní Ọjọ́ta tàbí níbikíbi, ẹ má bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí ẹ ṣe ìwádìí ńlá. Ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ìwé tí wọ́n fi ń gba èèyàn wọlé. Ẹ kọ òpó mẹ́rin: ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó lọ, ẹ̀ka rẹ̀, ohun tó sọ lórí fóònù. Ọ̀sán kan tó fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀gá wá sọ fún yín, pẹ̀lú ìwé náà níwájú rẹ̀, pé ọ̀dọ́ ni kò fẹ́ ṣiṣẹ́.